Le, Guo àti Zhe: Bí Èdè Mandaríìnì Ṣe Ń Wo Ìṣẹ̀lẹ̀

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gírámà èdè Mandaríìnì fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Confucius tí ó wà ní Yunifásítì Èkó, ìbáà jẹ́ ní èyí tí ó wà ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka, ìbáà sì jẹ́ nínú ìwé tí ẹnì kan rà tí ó ń dá kà nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ Àyèká tí ó bá gba Òkìtìpupa kọjá lọ sí Èkó láti kọ́ èdè náà yóò bá ìwé pàdé tí ó ní èdè Ṣáínà lápá kan àti Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni ó ń sọ nílé, akẹ́kọ̀ọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà kà á sí, ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà to ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó sì máa ń gbé wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Ibi tí èyí ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn le, guo àti zhe, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kà sí àmì ohun tí ó ti kọjá àti ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá sì wà ní ipò tí ó dára láti mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé èdè rẹ̀ ti ń ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan tí Mandaríìnì ń yà sọ́tọ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń dà pọ̀.

Kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé lẹ́tà tí wọ́n fi kọ àwọn àpẹẹrẹ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní pinyin, ìlànà ìkọsílẹ̀ tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní ọdún 1958, àti pé àmì orí fáwẹ̀lì nínú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú ti Yorùbá. Nínú pinyin, àmì tí ó tẹ̀ síwájú bíi ti ohùn òkè wa ń sọ pé kí ohùn ti ìsàlẹ̀ gòkè, àmì tí ó jọ ti ohùn ìsàlẹ̀ wa sì ń sọ pé kí ohùn ti òkè já bọ́ sísàlẹ̀, kì í ṣe kí ó rọra wà nílẹ̀. Ìlà tí ó dùbúlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì ni ó dúró fún ohùn òkè tí kò mì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ dá lé kò ní àmì kankan lórí, nítorí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì ń fi ara ti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá fi lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kọ wọ́n, 了 ni le, 过 ni guo, 着 sì ni zhe.

Àwọn onímọ̀ èdè máa ń ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àsìkò, ìyẹn ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ wà sí ìgbà tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀: ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, tàbí ó ń bọ̀. Èkejì ni ibá ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn ìrísí tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní lójú ẹni tí ó ń ròyìn rẹ̀: ó lè rí i lódindi, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, ó lè rí i láti inú bí ẹni pé ó ṣì wà láàárín rẹ̀, ó sì lè rí i gẹ́gẹ́ bí ohun kan tí ó ti wọ inú ìrírí ẹnì kan. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn kan láìfi àsìkò hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà ẹni tí ó ti kọ́ ọ dáadáa máa ń wá àmì àsìkò nínú gbogbo èdè tí ó bá tún kọ́. Mandaríìnì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Bí ó bá ṣe pàtàkì kí olùgbọ́ mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, wọn yóò sọ pé “zuótiān”, èyí tí í ṣe ‘àná’, tàbí “míngtiān”, èyí tí í ṣe ‘ọ̀la’, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ni le, guo àti zhe ń fi hàn, wọ́n sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àná, nínú òní àti nínú ọ̀la bákan náà.

Le ni ó ṣòro jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apá kan ìṣòro rẹ̀ sì ni pé méjì ni ó jẹ́. Èkíní máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an, èkejì sì máa ń wà ní ìparí gbólóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn àti lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ wọ́n bára mu. Le tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ kan, “liǎo”, tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan parí, iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní sì ni láti sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ààlà àti pé wọ́n dé ààlà náà. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé “Wǒ chīle sān ge júzi”, tí ó túmọ̀ sí ‘Mo jẹ ọsàn mẹ́ta’, iye tí ó wà lára ọsàn ni ààlà ìṣẹ̀lẹ̀ náà, le sì ń sọ pé jíjẹ náà dé orí ẹ̀kẹta. Bákan náà ni “Tā mǎile liǎng tǒng zōnglǘyóu”, ‘Ó ra kẹ̀ẹ̀gì epo pupa méjì’. Bí kò bá sí iye tàbí ààlà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn náà máa ń dà bí ohun tí kò tíì parí létí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà: ẹni tí ó bá sọ pé “Wǒ chīle fàn”, ‘Mo jẹun’, tí ó sì dákẹ́, yóò rí i pé olùgbọ́ ṣì ń dúró de ohun tí ó ṣe lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun tí ó fi hàn kedere pé le yìí kì í ṣe àmì ohun tí ó ti kọjá ni pé ó lè wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀la. “Míngtiān wǒ chīle fàn jiù qù” túmọ̀ sí ‘Lọ́la, bí mo bá ti jẹun tán, n ó lọ’. Jíjẹ náà kò tíì ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ le wà lẹ́yìn “chī”, nítorí pé lójú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, jíjẹ náà yóò ti parí kí lílọ tó bẹ̀rẹ̀. Kí Yorùbá wo bí òun náà ṣe lo “ti” àti “tán” nínú ìtumọ̀ náà, láìka pé ọ̀rọ̀ ọ̀la ni. Kò sí àmì àsìkò àtẹ̀yìnwá kankan nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ní ìdà kejì, ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí ó jẹ́ ti àná kò gba le. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí kò gbà á, nítorí pé ipò kò ní ìparí nínú ara rẹ̀: “Zuótiān wǒ hěn máng” ni ‘Lánàá, ọwọ́ mi dí’, kò sì sí àyè fún le lẹ́yìn “máng”. Ohun tí ẹnì kan máa ń ṣe léraléra kò gbà á pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú “Yǐqián wǒ měitiān qù shìchǎng”, ‘Tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo máa ń lọ sí ọjà’, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì yóò ti fi àsìkò àtẹ̀yìnwá hàn dandan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe “shuō”, èyí tí í ṣe ‘sọ pé’, nígbà tí odindi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi le bọ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìtàn àná yóò kọ ohun tí yóò rí gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnì kan ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan, dípò ìtàn.

Ibí yìí ni ó yẹ kí wọ́n ti kì akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nílọ̀ ní pàtàkì, nítorí pé èdè tirẹ̀ náà lè ṣì í lọ́nà. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ ìṣe tí kò sì ní atọ́ka kankan, bíi ti ‘Mo ra epo’, ti tó láti fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ hàn. Nínú Mandaríìnì, “Wǒ mǎi yóu” láìní le yóò túmọ̀ sí pé olùsọ̀rọ̀ máa ń ra epo tàbí pé ó fẹ́ ra epo. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ojú Gẹ̀ẹ́sì wọlé máa ń lo le jù, ẹni tí ó bá sì gba ojú Yorùbá nìkan wọlé lè má lò ó tó. Àti pé, bí ìwé kan bá sọ fún un pé le ni ‘ti’, kí ó má gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ‘Mo jẹ ọsàn mẹ́ta’ kò ní ‘ti’ nínú, Mandaríìnì sì béèrè le níbẹ̀.

Le ti ìparí gbólóhùn ni ó súnmọ́ ‘ti’ jù. Nínú gírámà Mandaríìnì tí Charles Li àti Sandra Thompson kọ ní ọdún 1981, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń so ipò kan mọ́ ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé nǹkan ti rí báyìí nísinsìnyí, ó sì yẹ kí olùgbọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó yọjú síta tí ó rí i pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ yóò kígbe pé “Xià yǔ le”, ‘Òjò ti ń rọ̀ o’. Òjò náà kò tíì dá, nítorí náà kò sí ohun tí ó parí. Ìyípadà ni ó wà níbẹ̀. “Huǒchē kuài yào kāi le” túmọ̀ sí ‘Ọkọ̀ ojú irin ti fẹ́ gbéra’, gbólóhùn tí ènìyàn lè lò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí ilé-iṣẹ́ CCECC ti Ṣáínà kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2021, ọkọ̀ náà ò sì tíì mira nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ibi tí ìbámu náà ti dùn mọ́ni jù ni inú àyísódì, ìyẹn gbólóhùn tí ó ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. “Wǒ bù chī ròu” ni ‘N kì í jẹ ẹran’. Bí wọ́n bá fi le kún ìparí rẹ̀, tí ó di “Wǒ bù chī ròu le”, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò di ‘N kò jẹ ẹran mọ́’. “Wǒ méiyǒu qián” ni ‘N kò lówó’, “Wǒ méiyǒu qián le” sì ni ‘N kò lówó mọ́’. Iṣẹ́ tí Yorùbá gbé lé ‘ti’ lọ́wọ́ nígbà tí ipò tuntun bẹ̀rẹ̀, tí ó sì gbé lé ‘mọ́’ lọ́wọ́ nígbà tí ipò àtijọ́ dópin, le kan ṣoṣo ni Mandaríìnì fi ń ṣe méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní í há ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí kí ó tó lè lo ọ̀rọ̀ kan.

Bí le méjèèjì bá wà nínú gbólóhùn kan náà, kálukú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. “Wǒ xuéle liǎng nián Zhōngwén” ni ‘Mo kọ́ èdè Ṣáínà fún ọdún méjì’, èyí tí ó sábà máa ń mú kí olùgbọ́ rò pé ẹ̀kọ́ náà ti dúró. “Wǒ xuéle liǎng nián Zhōngwén le” ni ‘Ó ti di ọdún méjì báyìí tí mo ti ń kọ́ èdè Ṣáínà’, níbi tí le àkọ́kọ́ ti fi ọdún méjì ṣe ààlà, tí le ìparí sì so ààlà náà mọ́ òní, tí olùgbọ́ yóò fi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ṣì ń tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, tí ó sì fi le ìkẹyìn sílẹ̀, ti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun ti dẹ́kun ẹ̀kọ́ láìmọ̀.

Guo rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Yorùbá sì ni ẹni tí ó yẹ kí ó rọrùn fún jù. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe “guò”, tí ó túmọ̀ sí ‘kọjá’, ni ó ti wá, ohun tí ó sì ń sọ ni pé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan rí, pé ó sì ti kọjá. “Wǒ qùguo Àyèká” ni ‘Mo lọ sí Àyèká rí’. “Nǐ chīguo shé ma?” ni ‘Ṣé o jẹ ejò rí?’ Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni guo máa ń dúró sí, ìparí gbólóhùn ni ‘rí’ máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú wọn jọra, kódà nígbà tí gbólóhùn bá di àyísódì. Le ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń pòórá bí “méi”, ìyẹn ‘kò’, bá ti wọlé: “Wǒ méi qù” ni ‘N kò lọ’, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà tí yóò fi le sí i ní irú ìtumọ̀ yìí. Guo ní tirẹ̀ kò yẹsẹ̀: “Wǒ méi qùguo” ni ‘N kò lọ rí’. Yorùbá kò ní í ya ẹnu sí èyí, nítorí pé ‘rí’ náà kì í kúrò nígbà tí ‘kò’ bá dé.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín guo àti le ni pé guo ń gé ìṣẹ̀lẹ̀ kúrò lára òní. “Tā qù Zhōngguó le” ni ‘Ó ti lọ sí Ṣáínà’, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì sí nílé. “Tā qùguo Zhōngguó” ni ‘Ó lọ sí Ṣáínà rí’, ó sì ti padà. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá dá, tí wọ́n sì fi le sọ ọ́, “Tā shuāiduànle tuǐ”, olùgbọ́ yóò gbà pé ẹsẹ̀ náà ṣì lè wà nínú ọ̀já. Bí wọ́n bá fi guo sọ ọ́, “Tā shuāiduànguo tuǐ”, ẹsẹ̀ náà ti dá rí, ó sì ti jinná. Níbi tí àṣìṣe yìí ti lè mú ìtìjú wá ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọkùnrin tí ó ní ìyàwó nílé gbọ́dọ̀ sọ pé “Wǒ jiéhūn le”, ‘Mo ti gbéyàwó’. Bí ó bá sọ pé “Wǒ jiéguo hūn”, ohun tí olùgbọ́ gbọ́ ni pé ó gbéyàwó rí, pé ìgbéyàwó náà sì ti tú ká tàbí pé ìyàwó ti kú. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé guo la “jiéhūn” sí méjì nínú gbólóhùn yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀ ni ó di ọ̀rọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí ‘gbéyàwó’ wa ti jẹ́ ‘gbé’ àti ‘ìyàwó’. Ẹ̀yìn apá tí ó jẹ́ ìṣe ni guo ń lọ.

Síbẹ̀, ó ní ibì kan tí ‘rí’ ti ń tan ènìyàn jẹ. Guo kan wà tí ó máa ń bá le ìparí rìn, tí ó sì kan ohun tí wọ́n ti ń retí pé kí ẹnì kan ṣe, bí oúnjẹ ọ̀sán tàbí oògùn àárọ̀. “Nǐ chīguo fàn le ma?” kì í ṣe ‘Ṣé o jẹun rí?’, nítorí pé kò sí ẹni tí kò jẹun rí láyé. ‘Ṣé o ti jẹun?’ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí guo àti le nínú gbólóhùn kan nípa nǹkan tí wọ́n máa ń ṣe lójoojúmọ́, kí ó fi ‘rí’ sílẹ̀ kí ó sì mú ‘ti’.

Zhe ni ó kù. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan kan ara nǹkan mìíràn tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ ọn ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ipò kan dúró bẹ́ẹ̀, kò tíì yí padà. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é ní atọ́ka ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́, orúkọ yìí gan-an sì ni ó ń kó bá akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé Mandaríìnì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, “zài”, tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, fún ìṣe tí ó ń lọ lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìrísí kan náà fún ẹni tí ó ń ki ọrùn bọ aṣọ lọ́wọ́ àti ẹni tí aṣọ ti wà lára rẹ̀ láti àárọ̀. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀, Mandaríìnì náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Tā zài chuān hóng yīfu” ni ‘Ó ń wọ aṣọ pupa’, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú apá aṣọ. “Tā chuānzhe hóng yīfu” ni ‘Ó wọ aṣọ pupa’, aṣọ ti wà lára rẹ̀. Atọ́ka ‘ń’ tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú Yorùbá dúró síbi tí “zài” dúró sí, ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣiyèméjì, kí ó sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá: bí ‘ń’ bá wà níbẹ̀, “zài” ni kí ó kọ́kọ́ dán wò, bí ó bá jẹ́ pé ‘ó jókòó’, ‘ó dúró’, ‘ó wọ̀ ọ́’, ‘ó gbé e dání’ ni Yorùbá sọ, láìní ‘ń’, tí ó sì jẹ́ pé bí nǹkan ṣe wà ni wọ́n ń sọ, zhe ni.

Ìlànà yìí wúlò púpọ̀ nínú àpèjúwe ibi tí nǹkan wà. “Mén kāizhe” ni ‘Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí’. “Qiáng shang guàzhe yì zhāng huà” ni ‘Àwòrán kan wà ní kíkọ́ sára ògiri’, níbi tí ògiri ti ṣáájú, tí ohun tí ó wà lára rẹ̀ sì kẹ́yìn. Zhe tún máa ń so ìṣe méjì pọ̀ nígbà tí èkíní bá jẹ́ bí ara ṣe wà nígbà tí wọ́n ń ṣe èkejì: “Tā zhànzhe chī fàn” ni ‘Ó dúró jẹun’, “Tā xiàozhe shuō” sì ni ‘Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́’. Kò kan zhe bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti àná tàbí ti òní, nítorí pé ilẹ̀kùn tí ó wà ní ṣíṣí lánàá, “kāizhe” náà ni wọn yóò sọ. Ohun tí kò bá a mu ni kí wọ́n ka iye wákàtí sí i lára. Ẹni tí ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta, “Tā zuòle sān ge xiǎoshí” ni wọn yóò sọ, nítorí pé wákàtí mẹ́ta ti di ààlà, le ni ó sì ni ààlà. Ìlànà ‘ń’ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: òjò tí ó ń rọ̀ lọ láìdáwọ́ dúró gba zhe, “Wàimiàn xiàzhe yǔ”, ‘Òjò ń rọ̀ níta’, nítorí pé wọ́n ń wo òjò náà bí ipò tí ìta wà, kì í ṣe bí iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe.

Kí gbogbo èyí lè hàn lójú kan, ó dára kí òǹkàwé wo àkọsílẹ̀ kúkúrú kan nípa ọjà Òkìtìpupa, tí wọ́n ṣe fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní irú ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka le sí àmì àsìkò àtẹ̀yìnwá yóò gbà kọ ọ́. Ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé ó lọ sí ọjà lánàá, pé oòrùn mú, pé obìnrin kan jókòó sábẹ́ igi tí ó ń ta epo, pé òun kò ra epo náà, àti pé òun kò rí epo tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ báyìí:

“Zuótiān wǒ qùle shìchǎng. Tiānqì hěn rè le. Yí ge nǚrén zuòle zài shù xià. Tā màile yóu. Wǒ bù mǎi le. Wǒ méi jiànle zhème duō yóu.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ààlà kankan nínú, nítorí náà ó ń fi olùgbọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé le lọ sí ìparí, yóò di ìròyìn tí ó dá dúró. Nínú èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ pé oòrùn mú, ṣùgbọ́n “rè le” ń sọ pé ojú ọjọ́ ti di gbígbóná, “hěn” tí ó wà níwájú rẹ̀ sì ń bá a jà. Ipò ni, le kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, jíjókòó jẹ́ bí obìnrin náà ṣe wà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ dé, nítorí náà zhe ni ó yẹ, ibi tí ó jókòó sí sì ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹ̀kẹrin ń sọ pé títà náà ti parí, bẹ́ẹ̀ ó ń tà á lọ́wọ́, Yorùbá sì ti fi ‘ń’ hàn án, “zài” ni. Ìkarùn-ún ni àṣìṣe tí ó burú jù, nítorí pé gbólóhùn tí ó tọ́ pátápátá ni, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó ń sọ: “Wǒ bù mǎi le” túmọ̀ sí ‘N kò rà á mọ́’, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ń nájà tẹ́lẹ̀ tí ó wá yí ọkàn padà. Kò ra ohunkóhun, nítorí náà “méi” ni ó nílò, láìní le. Nínú ìkẹfà, ‘rí’ ti wà nínú ohun tí ó fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Guo ni ìbá lò, bí ó bá sì fi “cónglái”, tí ó ń mú kí ‘kò rí’ wúwo, síwájú rẹ̀, yóò dára sí i. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ohun tí yóò jáde nìyí:

“Zuótiān wǒ qù shìchǎng le. Tiānqì hěn rè. Shù xià zuòzhe yí ge nǚrén, zài mài yóu. Wǒ méi mǎi. Wǒ cónglái méi jiànguo zhème duō yóu.”

Le mẹ́fà ni ó wà nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù nínú èyí tí wọ́n tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà, àná, ni méjèèjì ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lè fi èyí ṣe àmì: bí le bá wà nínú gbogbo gbólóhùn ìtàn tí ó kọ, àsìkò Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń túmọ̀, kì í ṣe Mandaríìnì ni ó ń kọ.

Nínú ìdánwò HSK, èyí tí ìjọba Ṣáínà ń fi wọn ìmọ̀ àwọn àjèjì nínú èdè náà, ìpele kìíní àti ìkejì ètò onípele mẹ́fà rẹ̀ ni wọ́n ti ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè yẹra fún wọn títí ọgbọ́n rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Mandaríìnì fi ìtumọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àwọn àpẹẹrẹ wọn, kí wọ́n kọ ‘rí’ sí ẹ̀gbẹ́ guo, ‘mọ́’ sí ẹ̀gbẹ́ “bù” àti le, ‘ń’ sí ẹ̀gbẹ́ “zài”, kí wọ́n sì sọ fún ọmọ náà níbi tí ìbámu kọ̀ọ̀kan ti parí. Ìwé tí yóò ṣe èyí láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nílò, kí àwọn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa sì jọ̀wọ́ gbé iṣẹ́ náà ka iwájú.